Tíṣà ní òru ni "ìpele òkùnkùn" fọtosíńtẹ́sìsì máa ń ṣẹlẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì Òṣogbo | Ọjọ́ Ajé, 7:40 alẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS2 gbé nóòtù báyọ́lọ́jì rẹ̀ wá bá mi lónìí. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ewé máa ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn lọ́sàn-án, tó bá wá di òru, yóò fi kábọ́ndáyọ́ksáìdì ṣe ṣúgà. Ìpele òkùnkùn ni wọ́n pe ti òru yẹn. Ọmọ náà bi mí pé, "Mọ́mì, tó bá jẹ́ òru ni ewé ń ṣe ṣúgà, kí ló dé tí ewé tí a gbé sínú òkùnkùn kì í ní sítáàṣì?" Mo dákẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo jáde ilé ìwé. Ta ló mọ̀ ọ́n?

Ṣèyí Ọmọ Ìlọrin | 8:02 alẹ́

Ẹ kú ilé mà. Tíṣà yẹn ò jẹ̀bi tán o. Ìpele kejì ò nílò ìmọ́lẹ̀ rárá, torí náà ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án, ó sì lè ṣẹlẹ̀ lóru. ATP àti NADPH, àwọn ohun tó ń gbé agbára, tí ìpele kìíní ti fi ìmọ́lẹ̀ ṣe sílẹ̀ ló nílò. Ó dà bí ẹni tó ro àmàlà sílẹ̀ lọ́sàn-án tó wá jẹ ẹ́ lálẹ́. Ewé inú òkùnkùn tí ọmọ yín sọ, wọn ò jẹ́ kí ìpele kìíní ṣẹlẹ̀ ni, ìyẹn ni sítáàṣì ò fi sí níbẹ̀.

Dẹ́jì A. | 8:09 alẹ́

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ òru yìí. Ìyá mi kì í jẹ́ ká gbé òdòdó sínú yàrá tí a ń sùn, wọ́n ní yóò gba atẹ́gùn mọ́ wa lára. Ẹ má ṣe dán an wò.

Bàbá Olùkọ́ Ewéko | 8:55 alẹ́

Dẹ́jì, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Mímí ni ìwọ ń sọ. Ewé ń mí lóru bí àwa náà ṣe ń mí, ṣùgbọ́n èyí tí òdòdó inú ìkòkò kan ń mí kéré sí ti ẹni tó sùn tì ọ́. Máa gbé òdòdó rẹ wọlé.

Ìyá Ìbejì, mo kọ́ ọmọ ní báyọ́lọ́jì fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kí n tó fẹ̀yìn tì, irú nóòtù yìí kì í ṣe tuntun sí mi. Kì í ṣe òru. Ọ̀sán gangan ni, nínú kílóróplásítì kan náà, ní àkókò kan náà tí ìmọ́lẹ̀ ń wọlé.

Ṣèyí, àmàlà rẹ kò ní dé alẹ́. ATP àti NADPH kì í ṣe ohun tí ewé ń kó sí àká. Èyí tó wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò lè gbé iṣẹ́ náà ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbì kan ni wọ́n ń ná an níbì kejì, bíi ti alágbàṣe tó ń gba owó òòjọ́.

Orúkọ ló kó wa sí wàhálà. Ní 1905, F. F. Blackman ní Kémbríìjì ṣàlàyé ohun kan tó rí lára ewé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, bó o mú ewé gbóná díẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò yára sí i. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, bó o mú un gbóná díẹ̀, iṣẹ́ ń yára. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ti ọ̀kan, ooru ò já mọ́ nǹkan fún un. Èkejì jẹ́ iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù, tí ooru ń mú yára. Èkejì yìí ni orúkọ "òkùnkùn" lẹ̀ mọ́, wọ́n kàn ń sọ pé kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ìmọ́lẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó ní kó lọ dúró de òru.

Ṣèyí Ọmọ Ìlọrin | 9:10 alẹ́

Bàbá, mo gbọ́ sà. Ṣùgbọ́n "ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan" yẹn, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n? Ohun tó wà nínú ewé, ta ló rí i?

Bàbá Olùkọ́ Ewéko | 10:20 alẹ́

Ìbéèrè gidi nìyí, ó sì ní ìtàn.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ní Berkeley ní Kalifọ́níà, Melvin Calvin, Andrew Benson àti James Bassham mú àwọn ewéko wínníwínní inú omi, irú aláwọ̀ ewé tó máa ń bo ojú adágún, wọ́n kó wọn sínú ìgò pẹlẹbẹ kan tó rí bí súìtì onígi tí àwọn ọmọdé ń lá. Wọ́n tan iná sí i lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n fún un ní kábọ́ndáyọ́ksáìdì tí kábọ́nì inú rẹ̀ jẹ́ onítànṣán, kí wọ́n lè tọpa rẹ̀ bí ó ṣe ń rìn. Wọ́n á ka ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, wọ́n á ṣí ìdí ìgò, gbogbo rẹ̀ á dà sínú ọtí gbígbóná, iṣẹ́ inú ewé á dúró lójijì. Wọ́n á wá fi bébà pín ohun inú rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á gbé e lé fíìmù tí wọ́n fi ń ya ẹ́síréè. Ibi tí fíìmù bá ti dúdú, ibẹ̀ ni kábọ́nì wọn dé.

Bí wọ́n bá ka ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún péré, èyí tó pọ̀ jù lórí fíìmù jẹ́ ohun kan tó ní kábọ́nì mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká pè é ní PGA bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi wá ohun oníkábọ́nì méjì tí CO2 ń bá so pọ̀ kó tó di mẹ́ta. Wọn ò rí i, torí kò sí. Oníkábọ́nì márùn-ún ni, RuBP. Márùn-ún gba ọ̀kan, ó di mẹ́fà, ó sì là sí mẹ́ta-mẹ́ta lójú ẹsẹ̀.

Ibi tó dáhùn ìbéèrè rẹ nìyí. Wọ́n jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀, wọ́n wá pa iná lójijì. PGA pọ̀ sí i, RuBP sì ń tán lọ. Wọ́n tún dán òdì kejì wò: iná wà ní títàn, ṣùgbọ́n wọ́n gé CO2 kù. Lọ́tẹ̀ yìí RuBP ló pọ̀ sí i, PGA ló ń tán.

Ìyá Ìbejì, ẹ ro ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Ẹni kan ń bu ẹ̀gẹ́ rírin sínú abọ́, ó ń gbé e fún ẹni tó ń dín in. Ẹni tó ń dín in á dà á sínú agbada, á dá abọ́ òfìfo padà. Abọ́ òfìfo ni RuBP, abọ́ tó kún ni PGA, igi ìdáná ni ATP àti NADPH tó ń ti ọ̀dọ̀ ìmọ́lẹ̀ wá. Bí igi bá tán, ẹni tó ń bu ẹ̀gẹ́ kò kọ́kọ́ mọ̀. Á ṣì máa bu, abọ́ kíkún á máa to jọ níwájú agbada, títí abọ́ òfìfo á fi tán lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà náà ló máa tó jókòó. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ ló tán, igi wà, abọ́ òfìfo ni yóò to jọ.

Ìyẹn ni "ìpele òkùnkùn" nínú òkùnkùn. Ìwọ̀n ìgbà tí abọ́ òfìfo fi máa tán ni.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo | 10:41 alẹ́

Ẹ̀yin Bàbá, ẹ ṣé gan-an! Gàrí yìí yé mi ju nóòtù lọ. Mo ti kà á fún ọmọ náà, ó ní kí n bi yín pé ta ni ẹni tó ń bu ẹ̀gẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ ní Ìlú Ọba | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 òru

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ sọ fún un pé rúbísíkò lorúkọ ẹni tó ń bu ẹ̀gẹ́. Lábù ewéko ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, òun ni mò ń wọ̀n látàárọ̀, ẹ jẹ́ n rojọ́ rẹ̀.

Àwọn ẹ́ńsáìmù yòókù lágbo iṣẹ́ ìpele òkùnkùn náà ń sáré, rúbísíkò kì í yára. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ kì í mú ju bíi CO2 mẹ́ta lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ́ńsáìmù kan tún wà tó ń bá CO2 ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ wa àti nínú ewé, èyí tó ń yí i sí báíkábọ́nétì. Òun ń ṣe bíi mílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. Ohun tí ewé rí ṣe sí ọ̀rọ̀ rúbísíkò ni pé ó gba òṣìṣẹ́ púpọ̀. Nínú ewé bíi ti ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà tàbí ìrẹsì, ó lè tó ìdajì gbogbo purotéènì tó ń yòrò nínú omi ewé.

Bó ṣe ń mú CO2 ni mo fẹ́ kí ọmọ náà rí dáadáa. RuBP ló kọ́kọ́ ń wọlé, á jókòó sínú ihò kékeré kan lára rúbísíkò. Ẹ́ńsáìmù á fa háídírójìn kan kúrò lára rẹ̀, RuBP á wá dà bí ẹni tó la ọwọ́ sílẹ̀. CO2 kò ní àga tirẹ̀ nínú ihò yẹn. Ó kàn ń yà wọlé ni, ọwọ́ tó là sílẹ̀ yẹn á gbá a mú, magnẹ́síọ̀mù kan tó wà níbẹ̀ á dì wọ́n mú kí wọ́n má sún. Omi á wọlé, yóò là wọ́n sí méjì, PGA méjì á jáde.

Àìsí àga yẹn ló fa gbogbo wàhálà rẹ̀. Ọwọ́ tó là sílẹ̀ kò mọ ẹni tó ń kọjá. Ọ́síjìn náà ń yà wọlé, atẹ́gùn wa sì kún fún ọ́síjìn: nínú ẹyọ ọgọ́rùn-ún, bíi mọ́kànlélógún ni ọ́síjìn, CO2 kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá gbá ọ́síjìn mú, PGA kan péré ló máa jáde, pẹ̀lú ohun oníkábọ́nì méjì kan tí kò wúlò fún agbo yẹn. Ewé á gbé ìyẹn yí ká láti kílóróplásítì dé ibi méjì mìíràn nínú sẹ́ẹ̀lì kó tó lè tún un ṣe, kábọ́nì kan nínú mẹ́rin á sì sá lọ bíi CO2. Ní ojú ọjọ́ tó tutù níwọ̀nba, bíi 25 °C, nǹkan bí ìgbà kan ló ń ṣì mú ọ́síjìn sí ìgbà mẹ́ta tó mú CO2. Bí ooru bá pọ̀ sí i, ó ń burú sí i.

Ṣèyí Ọmọ Ìlọrin | 6:30 àárọ̀

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ káàárọ̀ mà. Mo fẹ́ kí ẹ dáhùn èyí: bí èèyàn bá fún ewé ní ATP àti NADPH lóru, kó fún un ní CO2, ṣé kò ní ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn? Torí tó bá lè ṣiṣẹ́, mo ṣì gba ìdajì máàkì 😄

Àbẹ̀kẹ́ ní Ìlú Ọba | 7:05 àárọ̀

Nínú túùbù, rúbísíkò tí èèyàn ti yọ sọ́tọ̀ tó sì ti jí yóò mú CO2 nínú òkùnkùn bí a bá fún un ní RuBP, mò ń ṣe é lójoojúmọ́. Gba ìdajì rẹ.

Nínú ewé, ó kù díẹ̀ káàtó. Ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe igi ìdáná nìkan, òun náà ló ń ṣí ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń lu àwọn awẹ́ tín-tìn-tín inú kílóróplásítì, wọ́n ń fa háídírójìn sínú ara wọn. Omi tó yí wọn ká á wá kúrò ní pH bíi 7, á sún mọ́ 8, magnẹ́síọ̀mù á sì jáde sínú rẹ̀. Nǹkan méjèèjì yìí ni rúbísíkò ń dúró dè. Kó tó lè mú CO2 kankan fún ṣúgà, CO2 kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ibì kan lára rẹ̀, lórí láísíìnì 201, kí magnẹ́síọ̀mù tó lè jókòó lé e. Ẹ fiyè sí i o: CO2 ti orí láísíìnì yẹn kò ní di ṣúgà láéláé. Bíi kọ́kọ́rọ́ ló rí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì gan-an máa ń pa méjèèjì pọ̀.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, pH á sọ̀ kalẹ̀, magnẹ́síọ̀mù á padà, kọ́kọ́rọ́ á tú. Àwọn ẹ́ńsáìmù mìíràn tó ń dá abọ́ òfìfo padà náà á ti ara wọn pa. Àwọn ewé ẹ̀wà kan tilẹ̀ ń ṣe ohun kan lóru tó ń dí ihò rúbísíkò, wọ́n á tú u kúrò bí ilẹ̀ bá mọ́. Ewé ò fẹ́ kí agbo yẹn ṣiṣẹ́ lóru, torí yóò máa ná ṣúgà láti fi ṣe ṣúgà.

Ẹ jẹ́ n padà sí ìdánwò sítáàṣì tí ọmọ yẹn sọ, torí gbogbo wa kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n gbé ewé sínú òkùnkùn fún ọjọ́ méjì, wọ́n sè é, wọ́n fi ọtí fọ àwọ̀ ewé kúrò, wọ́n kán ayodíìnì sí i, kò dúdú. Kò fi hàn pé ewé kò ṣe sítáàṣì lóru. Ewé ń jẹ sítáàṣì rẹ̀ lóru, ó lè jẹ́ pé ó ṣe é ó sì jẹ ẹ́ tán. Kábọ́nì onítànṣán ti Bàbá ló yanjú ọ̀rọ̀, kì í ṣe ayodíìnì.

Kọ́lá Alágbàdo | 7:48 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Mo ń ka ọ̀rọ̀ magnẹ́síọ̀mù yìí, ó bá tèmi mu. Àgbàdo mi lọ́nà Ìsẹ́yìn ti ń pọ́n láti ìsàlẹ̀. Ẹnì kan ní magnẹ́síọ̀mù ló tán nínú ilẹ̀, ó fẹ́ ta iyọ̀ kan fún mi tí mo máa pò mọ́ omi. Ṣé kí n rà á?

Bàbá Olùkọ́ Ewéko | 8:30 àárọ̀

Má tíì sanwó. Báwo ló ṣe ń pọ́n? Ṣé àárín iṣan ewé ló ń pọ́n, tí iṣan fúnra rẹ̀ ṣì tutù, tí ewé wá rí bí aṣọ onílà? Àbí láti ṣóńṣó ewé ló ti ń pọ́n, tó ń gba àárín gbùngbùn wá sísàlẹ̀ bíi lẹ́tà V?

Kọ́lá Alágbàdo | 8:37 àárọ̀

V ni sà. Láti ṣóńṣó. Ewé ìsàlẹ̀ nìkan, ti òkè ṣì tutù.

Bàbá Olùkọ́ Ewéko | 8:50 àárọ̀

Náítírójìn nìyẹn, kì í ṣe magnẹ́síọ̀mù. Ti magnẹ́síọ̀mù ni ti aṣọ onílà. Òjò tó pọ̀ ti lè fọ ajílẹ̀ rẹ lọ.

Ó sì bá ọ̀rọ̀ wa mu. Purotéènì ni rúbísíkò, náítírójìn ni wọ́n fi ń mọ ọ́n. Bí ilẹ̀ kò bá fún ewéko ní náítírójìn tó, á lọ tú rúbísíkò àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ inú ewé àgbà ìsàlẹ̀, á kó náítírójìn wọn fún ewé ọ̀dọ́ tó wà lókè. Ìyẹn ni ìsàlẹ̀ fi ń kọ́kọ́ pọ́n. Àgbàdo tilẹ̀ ń ṣúnná ju ẹ̀gẹ́ lọ, rúbísíkò inú rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ́ńsáìmù mìíràn tó ń kọ́kọ́ mú kábọ́nì ní ẹ̀yìn ewé lọ́hùn-ún, ọ́síjìn ò lè tan ìyẹn jẹ, á wá fi rọ́ ọ sínú yàrá kan tí rúbísíkò wà. CO2 á pọ̀ nínú yàrá yẹn débi pé ọ́síjìn ò rí ààyè wọlé.

Àbẹ̀kẹ́ ní Ìlú Ọba | 9:12 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ̀yìn ewé kọ́ o. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín ewé, tó yí iṣan ká níta ni; yàrá rúbísíkò ni àwọn tó gbá iṣan mọ́ra gan-an. Ọ̀fẹ́ sì kọ́: àgbàdo ń san bíi ATP méjì sí i lórí CO2 kọ̀ọ̀kan. Níbi tí oòrùn ti mú, owó yẹn kò tó nǹkan. Lábẹ́ ibòji, ó ń dùn ún.

Bàbá Olùkọ́ Ewéko | 9:20 àárọ̀

Mo gbà, o ṣeun. Ojú ti ń rẹ̀.

Ṣèyí Ọmọ Ìlọrin | 12:15 ọ̀sán

Kí gbogbo wa tó túká. Ọ̀pẹ̀-òyìnbó ńkọ́? Mo kà á níbì kan pé òru ni ọ̀pẹ̀-òyìnbó máa ń mú CO2, pé ẹnu ewé rẹ̀ máa ń pa dé lọ́sàn-án. Ṣé tíṣà ò wá jàre báyìí?

Bàbá Olùkọ́ Ewéko | 1:05 ọ̀sán

O ti mú ibi tó dùn wá. Òótọ́ ni ìdajì rẹ̀. Ọ̀pẹ̀-òyìnbó ń ṣí ẹnu ewé lóru, torí bó bá ṣí i lọ́sàn-án, omi ara rẹ̀ á gbẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe rúbísíkò ló ń mú CO2 òru yẹn, ẹ́ńsáìmù kejì irú ti àgbàdo ni. Kò sì sọ ọ́ di ṣúgà, ó sọ ọ́ di ásíìdì, ó kó o sínú àpò omi inú sẹ́ẹ̀lì. Ilẹ̀ á mọ́, á pa ẹnu ewé dé, á máa tú ásíìdì yẹn díẹ̀díẹ̀, CO2 á jáde, rúbísíkò á sì mú un nínú ìmọ́lẹ̀. Gbígbà ló ṣẹlẹ̀ lóru. Ṣúgà ṣíṣe, ọ̀sán náà ni.

Ìyá Ìbejì, ṣé àbámọdá wà ládùúgbò yín? Ewé kan náà tí wọ́n fi ń ṣe òògùn, tí ọmọ ń hù létí rẹ̀. Àṣà kan náà lòun náà ní. Ní 1815 ni wọ́n tẹ lẹ́tà ọ̀gbẹ́ni Heyne jáde, tó ń gbé Íńdíà, pé ewé yìí kan bí ọ̀pọ̀tọ̀ tí kò pọ́n... rárá, bí ewé ìṣápá ni kí n sọ, bó o bá jẹ ẹ́ láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán kò ní adùn kankan mọ́. Ẹnu ló fi mọ̀ ọ́n, kò sí ẹ̀rọ. Kí ọmọ yẹn já ewé kan láago mẹ́fà àárọ̀, kó ya ìwọ̀n èékánná kan jẹ lẹ́nu, kó tu ú dànù, kó fọ ẹnu. Kó tún ṣe bẹ́ẹ̀ láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lára igi kan náà. Kó má gbé e mì o, májèlé kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń pa màlúù tó bá jẹ ẹ́ púpọ̀.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo | Ọjọ́rú, 6:20 ìrọ̀lẹ́

A ti ṣe é o. Èmi náà bá a jẹ ẹ́. Ẹ má bínú, àwa ò rí ìyàtọ̀. Ti àárọ̀ kan díẹ̀, ti ìrọ̀lẹ́ náà kan díẹ̀. Ọmọ ní Bàbá tan òun.

Bàbá Olùkọ́ Ewéko | 6:48 ìrọ̀lẹ́

Há! Ewé wo lẹ já, ti òkè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni àbí ti ìsàlẹ̀ tó nípọn? Ṣé igi náà rí oòrùn?

Ìyá Ìbejì Òṣogbo | 6:55 ìrọ̀lẹ́

Ti òkè ni, torí ó mọ́. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló wà, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Òjò sì rọ̀ lánàá.

Àbẹ̀kẹ́ ní Ìlú Ọba | 8:30 alẹ́

Ó yé mi. Ewé ọ̀dọ́ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ti òru, ó ń ṣí ẹnu lọ́sàn-án bíi ti ẹ̀gẹ́. Bó ṣe ń dàgbà, tí omi sì ń wọ́n ọn, ló ń kọ́ àṣà yẹn. Bí oòrùn ò bá sì dé ibẹ̀, ásíìdì tó kó jọ kò ní tètè tú. Ẹ wá èyí tó wà lórí ògiri tàbí etí títì, tó ń rí oòrùn, ẹ já ewé ìsàlẹ̀.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo | Ọjọ́ Ẹtì, 5:35 ìrọ̀lẹ́

A rí ọ̀kan lórí fẹ́ǹsì aládùúgbò. Láàárọ̀, ojú ọmọ náà kan ju ewé lọ, ó tu ú jáde kí n tó sọ pé ó tó! Báyìí tí mo ń kọ̀wé, a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún jẹ ẹ́ tán. Bíi koríko lásán, ó tún korò díẹ̀.

Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ìdánwò wọn ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ni kó kọ bí tíṣà bá bi í?

Ṣèyí Ọmọ Ìlọrin | 5:50 ìrọ̀lẹ́

Kó kọ ti tíṣà mà. Máàkì ni máàkì.

Bàbá Olùkọ́ Ewéko | 6:30 ìrọ̀lẹ́

Má kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìyẹn. Kó kọ pé ìpele náà kì í lo ìmọ́lẹ̀ tààrà, pé ATP àti NADPH tí ìmọ́lẹ̀ ṣe ló ń lò. Kó má dá "òru" sí i rárá. Kò sí tíṣà tó lè fagi lé gbólóhùn yẹn.

Àbẹ̀kẹ́ ní Ìlú Ọba | 7:10 alẹ́

Bàbá, mo rí tíṣà tó fagi lé e rí, ìwé tèmi ló fagi lé. Kó tiẹ̀ mú ewé méjì náà lọ fún un, ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́.

Kọ́lá Alágbàdo | 9:02 alẹ́

Mo fi yúríà sídìí àgbàdo lánàá, òjò sì rọ̀ lé e lórí lóru. Mi ò mọ̀ bóyá ó kù nílẹ̀ tàbí ó ti bá omi lọ. Ewé tuntun mélòó ló gbọ́dọ̀ yọ kí n tó mọ̀?